Gbàǹjo tó wà lẹ́yìn ìpolówó: ìdí tí iye owó ìpolówó kan náà fi ń gòkè tó sì tún ń wálẹ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin oníṣòwò, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn oníṣòwò polówó ọjà lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù. Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n dáhùn lónìí ń da ọ̀pọ̀ nínú yín láàmú, mo sì mọ̀ ọ́n. Àwòrán kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, irú àwọn èèyàn tí ẹ fẹ́ kó rí i kò yí padà, owó ojúmọ́ kò sì yí padà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà kan tó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́sáàpù ná yín ní ₦150, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ó ti di ₦220. Ta ló fi owó kún un? Kò sí ẹnì kankan ní ilé-iṣẹ́ Meta, àwọn tó ni Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, tó jókòó ti ìwé iye owó, tó ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Inú gbàǹjo ni iye náà ti ń jáde, gbàǹjo náà sì ń wáyé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní gbogbo ìgbà tí àyè ìpolówó kan bá ṣí sílẹ̀ lójú fóònù ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní Ìbàdàn, tó ṣí Ínsítágíráàmù lálẹ́ láti wo ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé síbẹ̀. Bó ṣe ń fi ọwọ́ yí ojú fóònù náà sókè, àyè kan wà níwájú rẹ̀ tí ìpolówó lè wọlé sí. Gbogbo olùpolówó tó ti sọ pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni òun ń wá ló máa du àyè yẹn, wọ́n á sì ti parí rẹ̀ kí obìnrin náà tó mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe àwọn tó ń ta irú ọjà yín nìkan ni ẹ ń bá du àyè. Ẹni tó ń ta wíìgì, ilé ìfowópamọ́ tó ń wá ẹni tó máa gba ètò rẹ̀ sórí fóònù, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́, àti ọmọ wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ta ilẹ̀ ní Lẹ́kì, gbogbo wọn lè pàdé lójú fóònù kan ṣoṣo yẹn. Ojú ẹni tó ń wo fóònù ni wọ́n ń dù.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí. Àkọ́kọ́ ni iye tí olùpolówó ṣe tán láti san lórí ohun tó ń fẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ lórí Wọ́sáàpù ni tàbí ríra ọjà. Èkejì ni bí ẹ̀rọ Meta ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ẹni yìí gan-an lè ṣe ohun tí olùpolówó ń fẹ́, bí ó bá rí ìpolówó náà. Wọ́n máa ń fi àkọ́kọ́ sọ èkejì di púpọ̀, wọ́n á wá fi ẹ̀kẹta kún un, ìyẹn bí ìpolówó náà ṣe dára tó lójú àwọn tó ti rí i. Bí àwọn èèyàn bá ń tẹ bọ́tìnì pé àwọn kò fẹ́ rí i mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn láti mú wọn tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kẹta yìí á fà á sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Iye àpẹẹrẹ ni mo ń lò, mo sì mú kí ẹ̀kẹta dọ́gba fún gbogbo wọn kí ìṣirò má baà dí. Ìyá aláṣọ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ń ta àdìrẹ. Iye tí wọ́n fi lé ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù kan lórúkọ rẹ̀ jẹ́ ₦250, ẹ̀rọ sì rí i pé nínú 100 irú obìnrin Ìbàdàn yìí, ẹnì kan máa kọ ọ̀rọ̀ sí i. Bí a bá pín ₦250 sí 100, ìfarahàn kan ṣoṣo níye lórí tó ₦2.50 fún un. Oníwíìgì fi ₦600 lé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú 400 ló lè dá a lóhùn, nítorí náà ₦1.50 ni tirẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ fi ₦1,000 lé e, ẹnì kan nínú 1,000 ló sì ṣeé ṣe kó gba ètò rẹ̀, ìyẹn ₦1. Ìyá aláṣọ ló borí, bẹ́ẹ̀ owó tirẹ̀ ló kéré jù nínú gbogbo wọn. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ló gbà pé olówó ńlá ló máa ń gba gbogbo àyè.

Èló ni ìyá náà máa san? Kì í ṣe ₦2.50. Iye tó tó láti fi borí ẹni tó tẹ̀lé e ni, ìyẹn bíi ₦1.50. Ọ̀mọ̀wé William Vickrey ló ṣàlàyé irú gbàǹjo yìí nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ lọ́dún 1961, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mìíràn tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀, ìlànà tí Fesibúùkù ń lò sì ti ara wọn yọ. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ o: lọ́dún 2019, Gúgù yí gbàǹjo àyè ìpolówó tó ń bá àwọn oníwèbúsáìtì tà padà, ẹni tó bá borí níbẹ̀ sì ń san gbogbo iye tó fi lé e. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, lórí Fesibúùkù, ohun tó tẹ̀lé e nínú ọ̀rọ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn yín ni iye tí ẹ ń san wà. ₦1.50 lórí ìfarahàn kan jẹ́ ₦1,500 lórí ẹgbẹ̀rún ìfarahàn, èyí tí ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí CPM. Nítorí pé ó gba 100 ìfarahàn kí ẹnì kan tó kọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan ná ìyá wa ní ₦150.

Ẹ jẹ́ ká wá sún ọjọ́ síwájú. Oṣù Kejìlá ti dé, ẹni tuntun kan wọ gbàǹjo náà, ìfarahàn kan sì tó ₦2.20 fún un. Ìyá aláṣọ ṣì ń borí pẹ̀lú ₦2.50 rẹ̀, ṣùgbọ́n ₦2.20 ló ní láti san báyìí. Ọ̀rọ̀ kan ti di ₦220, kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká sọ pé kò sí ẹni tuntun kankan, àmọ́ àwọn èèyàn kan náà ti rí àwòrán àdìrẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó sì ti sú wọn, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan nínú 140 ló ń kọ̀wé báyìí. ₦1.50 kan náà ló ń san lórí ìfarahàn, ṣùgbọ́n 140 rẹ̀ ló nílò, ọ̀rọ̀ kan sì di ₦210.

₦220 àti ₦210. Ẹni tó bá ń wo iye owó ọ̀rọ̀ kan nìkan á rò pé àìsàn kan náà ni. Ṣùgbọ́n nínú ti àkọ́kọ́, CPM gòkè láti ₦1,500 dé ₦2,200, iye àwọn tó ń dáhùn kò sì yí padà: ọjà ló gbóná, bí ẹ bá pa àwòrán náà tì, ẹ kàn pa ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni. Nínú ti èkejì, CPM dúró síbi tó wà, àwọn tó ń dáhùn ló dínkù, Frequency, ìyẹn iye ìgbà tí ẹnì kan ti rí ìpolówó náà, sì ti ga: àwòrán tuntun ni oògùn rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ pín iye owó ọ̀rọ̀ kan sí méjì yìí, kí ẹ sì mọ èyí tó yẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, owó ilẹ̀ wa ló ń gbé CPM sókè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi ₦470, ó sì ti kọjá ₦700 kí oṣù náà tó parí. Ẹni tó ń fi dọ́là du àyè ní Èkó kò fi sẹ́ǹtì kan kún tirẹ̀, síbẹ̀ nínú ìṣirò náírà, iye tó fi lé e ti fò sókè.

Mo ní wọ́n fi ₦250 lé e lórúkọ ìyá aláṣọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dá iye lé e fúnra wa. Owó ojúmọ́ là ń sọ fún ẹ̀rọ, òun ló sì ń wá iye tó máa fi lé gbàǹjo kọ̀ọ̀kan kí owó náà lè tán kí ọjọ́ náà tó parí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lọ. Ibí yìí ni ìdí kẹta ti ń wá, òun sì ni a ń fi ọwọ́ ara wa fà. Pẹ̀lú ₦5,000, ìyá wa ń rí ọ̀rọ̀ bíi 33. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ ọ́ di ₦10,000, ó sì ń retí 66. Ká ní 55 ló rí. Àròpín rẹ̀ jẹ́ ₦182, kò dà bí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ₦5,000 tó fi kún un: ọ̀rọ̀ 22 péré ló mú wá, ìyẹn ₦227 lórí ọ̀kan. Àwọn àyè tó pọ́ọ́kú ni ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ gbà. Kí owó tuntun tó lè tán, ó ní láti gbé iye sókè, kó sì wọ gbàǹjo tó le. Èrè orí àdìrẹ gbọ́dọ̀ lè gbé ₦227 yẹn. Àròpín ₦182 kò lè dáhùn ìbéèrè náà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣoṣo dájọ́. Nígbà tí ohun tí ẹ ń retí bá jẹ́ 33 lójúmọ́, ó lè jẹ́ 27 lónìí, kó jẹ́ 39 lọ́la, kó má sì sí ìdí kankan ju pé àwọn èèyàn kì í kọ̀wé létòlétò. Nínú ₦5,000 kan náà, ìyẹn jẹ́ ₦185 lónìí àti ₦128 lọ́la. Ìpolówó tuntun tún ń yàtọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rọ kò tíì mọ ẹni tó máa dáhùn. Meta ní ó máa ń gba nǹkan bíi 50 èsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan kó tó fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá ń yí àwòrán, irú èèyàn tàbí owó padà gan-an ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ṣe ló ń dá ẹ̀rọ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìyípadà owó tó ń sá fún ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀.

Àwọn kan nínú yín á béèrè pé ṣé a kò lè fi òpin sí i ni. Ó ṣeé ṣe. Nípa Bid cap, ìyá aláṣọ lè sọ pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fi ju ₦160 lọ lé ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ tó jẹ́ pé oníwíìgì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìfarahàn kan tó ₦1.60 fún un, ó borí ₦1.50, ọjà ń lọ. Nígbà tí ẹni oṣù Kejìlá bá wọlé pẹ̀lú ₦2.20, ìpolówó náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, owó ojúmọ́ kò sì ní tán. Ọ̀pọ̀ ló máa rò nígbà náà pé ìṣòro ti bá àkáǹtì wọn, wọn á pa ìpolówó náà rẹ́, wọn á tún òmíràn ṣe. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Iye tó ní òun kò ní kọjá ni gbàǹjo ti kọjá. Bí ẹni yẹn bá sì kúrò ní oṣù Kìíní, ìpolówó náà á tún máa hàn ní ₦150 rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.