Níbo Ni Omi Ara Aṣọ Lọ? Kíkọ Ìwé Eré Kàtúùnù fún Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ya kàtúùnù, ẹ kú ìjókòó. Fídíò ìṣẹ́jú 1 péré la fẹ́ yẹ̀ wò, èyí tó ń sọ ìdí tí aṣọ tútù fi ń gbẹ fún ọmọ kíláàsì kẹta.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ bi àwọn ọmọ pé níbo ni omi ara aṣọ lọ. Wọ́n á ní oòrùn ló mu ún. Àwa náà la sì ń ya oòrùn ẹlẹ́nu gbàǹgbà tó ń fa omi sókè! Ọmọ tó bá gba ìyẹn gbọ́ kò ní lè sọ ohun tó gbẹ aṣọ tí wọ́n sá sínú yàrá lóru. Nítorí náà, inú yàrá ni kí eré tiwa ti bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn má yọjú rárá.

Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé. Ohun tí ojú máa rí wà lápá òsì, ohun tí etí máa gbọ́ wà lápá ọ̀tún. Ibi tó ṣòro jù nìyí:

Ojú: Aṣọ tútù lórí okùn. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sún mọ́ etí aṣọ. Nínú rẹ̀, ẹyọ omi róbóróbó ń gbọ̀n, wọ́n fara kanra.

Ohùn: "Ẹyọ omi rèé. Ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i."

Ojú: Ẹyọ kan já kúrò lára aṣọ. Ọfà pupa kan tẹ̀ lé e. Ìdákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3.

Ohùn: "Ó ti lọ! Ó ti wọ inú afẹ́fẹ́."

Ìdákẹ́ yẹn ṣe pàtàkì. Bí ohùn bá ń lọ nígbà tí ẹyọ omi ń já, ọ̀kan nínú méjèèjì máa bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sójú àwòrán, torí ojú tó ń kàwé kò ráyè wo ọfà.

Ẹni tó ń yàwòrán á fẹ́ kí ẹyọ tó já náà máa kéré sí i títí yóò fi pòórá. Ẹ má gbà fún un. Ọmọ á rò pé omi ti tán, bẹ́ẹ̀ omi ò tán, ó kàn fọ́n ká ni. Ẹyọ kì í yí ìwọ̀n padà. Àlàfo àárín wọn ló ń fẹ̀. Ẹ má ya èéfín funfun náà. Ohun funfun tí à ń rí lórí ìkòkò tó ń hó, omi tó ti padà di ìkán kéékèèké ni. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò ṣeé rí.

Tí ẹ bá parí, ẹ pa ohùn fídíò náà, kí ẹ ní kí ọmọ tí kò tíì wò ó rí máa sọ ohun tó ń rí. Bó bá ní "nǹkan kan ń fò", ọfà yín pẹ́ kó tó yọ. Bó bá ní "omi ń kúrò lára aṣọ", ẹ lè wá dá ohùn padà.