Jíjò inú FFT: jẹnẹ́rétọ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn àti fèrèsé tẹ́ ẹ bá lò (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ìjókòó o. Ṣé ẹ ń gbọ́ jẹnẹ́rétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí? Òun la máa lò. Ká ní lóòdù ò pọ̀ lórí ẹ̀, ó wá ń gbọ̀n ní 50.5 Hz, ohùn kékeré kan sì wà ní 70 Hz, ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ohùn ńlá yẹn. A gba sáńpù 1000 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, a fi FFT wò ó, ìyẹn ìṣirò tó ń pín ìgbì sínú àpótí-àpótí bó ṣe ń yára gbọ̀n tó, àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 Hz.

A ò rí 70 rárá. Ìdí ni pé FFT gbà pé sẹ́kọ́ńdì kan yẹn ń tún ara ẹ̀ ṣe láìdúró, pé ìparí ẹ̀ so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà 50 àti ààbọ̀ ni ìgbì wa yí po, ó lè bẹ̀rẹ̀ lókè kó parí nísàlẹ̀, ojú ìso yẹn á já. Ojú ìso tó já yẹn ló ń jò sínú gbogbo àpótí. Èyí tó jò dé 70 tó 0.016, ohùn tí à ń wá jẹ́ 0.001, ó ti bò ó mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 16.

Àwọn kan máa ń fi 50 Hz géérégé kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n á ní ẹ wò ó, kò jò, kí la fẹ́ fi fèrèsé ṣe? Ó máa ń dùn mí gan-an. 50 wọ inú sẹ́kọ́ńdì kan láìṣẹ́kù ni o, àárín àpótí méjì-méjì ni jíjò náà sá pamọ́ sí. Jẹnẹ́rétọ̀ wo lẹ rí tó dúró lórí 50 gbọn-in?

Fèrèsé ni ọ̀wọ́ nọ́ńbà w tí à ń fi sọ àwọn sáńpù x di púpọ̀ kí wọ́n tó wọ FFT. Ti Hann máa ń tẹ etí méjèèjì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi di òdo, kí ojú ìso má baà já:

```python
w = np.hanning(1000)
X = 2*abs(np.fft.rfft(x*w))/w.sum()
```

Jíjò tó dé 70 wá di bíi 0.00004, ohùn kékeré wa yọ gedegbe. Àmọ́ ẹ máa sanwó ẹ̀: òkè àárín, ìyẹn òkè tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń yọ lórí àwòrán FFT, tó fẹ̀ tó àpótí 2 tẹ́lẹ̀ ti di 4.

Ọmọ kan níwájú wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí òkè bá fẹ̀, ṣé a ò lè fi òdo kún dátà kó tínrín?" Mo pa súláìdì tó kù tì torí ìbéèrè yìí. Rárá o. Ká ní ohùn méjì tó lágbára dọ́gba wà ní 50 àti 51.5. Hann ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Òdo tẹ́ ẹ fi kún un kàn ń to àmì púpọ̀ sí i lórí òkè kan náà ni, fífẹ̀ ẹ̀ ò yẹ̀. Sẹ́kọ́ńdì méjì ni kẹ́ ẹ gbà: àpótí á di 0.5 Hz, àlàfo 1.5 Hz á di àpótí 3, wọ́n á pínyà. Ìyẹn tí jẹnẹ́rétọ̀ ò bá yí eré padà láàárín ìgbà yẹn o.

Àkókò ti lọ, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ fèrèsé Hamming kíá. Òkè ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó ga jù fi bíi dẹ́síbẹ̀ 43 rẹlẹ̀ sí òkè àárín, ti Hann jẹ́ bíi 31, fífẹ̀ wọn sì dọ́gba, làwọn kan bá ní Hamming ló dáa jù. Ẹ lọ wò ó ní 70. Etí Hamming ò dé òdo, 0.08 ló dúró sí, ojú ìso ṣì já díẹ̀, jíjò ẹ̀ níbẹ̀ sì tó 0.0024. Ó tún bo ohùn wa mọ́lẹ̀.