Kálórì inú bọ́gà àti ànàmọ́ díndín: ibi tí òróró ń sá pamọ́ sí

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ wa lónìí kò ju àwo oúnjẹ kan lọ: bọ́gà kan àti ànàmọ́ òyìnbó díndín, irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri Tanke níbí ní Ìlọrin. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ iye kálórì inú rẹ̀, kò lè fojú wo odidi rẹ̀ kó dáhùn. Àfi kó tú u palẹ̀, kó gbé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù.

Ká ní gbogbo rẹ̀ wọ̀n tó 375 gíráàmù. Búrẹ́dì rẹ̀ jẹ́ 75. Gíráàmù kan búrẹ́dì funfun máa ń ní nǹkan bíi kálórì 2.7, nítorí náà ẹ kọ 200 sílẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ń dán, wọ́n ti fi bọ́tà pa á kí wọ́n tó yan án. Ẹ fi 35 kún un nígbà náà.

Ẹran lílọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 80 gíráàmù lẹ́yìn tó ti jinná. Bí ọ̀rá rẹ̀ kò bá pọ̀ lápọ̀jù, gíráàmù kan rẹ̀ ní nǹkan bíi 2.6, ìyẹn 210. Ẹran yìí tó 110 gíráàmù nígbà tó wà ní tútù, àmọ́ omi àti ọ̀rá ti kán dànù lórí iná. Ẹni tó bá mú 110 tó wà lára páálí, tó wá fi 2.6 ti ẹran jíjinná sọ ọ́ di púpọ̀, ti fi nǹkan bíi 75 kún un lásán. Bí ẹ bá mú ìwọ̀n tútù, nọ́ńbà tútù ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ jíjinná, ti jíjinná ni.

Àlùbọ́sà, tòmátì àti kábéèjì gíráàmù 40 kò ju kálórì 10 lọ. Kẹ́ṣọ́ọ̀pù gíráàmù 15 jẹ́ nǹkan bíi 15. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí wọn.

Mayonéèsì ni kí ẹ dúró tì. Gíráàmù kan rẹ̀ ní nǹkan bíi 7, torí pé òróró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ wọn búrẹ́dì náà lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi pa á, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò, kí ẹ tún un wọ̀n. Ká ní 25 ni ìyàtọ̀ náà: 175 nìyẹn. Ọ̀bẹ kì í kó gbogbo rẹ̀ tán, torí pé ó máa ń wọ inú ihò búrẹ́dì, nítorí náà iye yìí lè kéré díẹ̀ sí òótọ́. Ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú. Bó bá pupa rúsúrúsú, tó ń ṣàn, tó sì kan díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sàláàdì kíríìmù. Ìyẹn kò ju bíi ìdajì kálórì mayonéèsì lọ.

Ó wá ku ànàmọ́ díndín, 140 gíráàmù. Ibí ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wó. Wọ́n á wá nọ́ńbà ànàmọ́ tútù, tó jẹ́ 77 fún 100 gíráàmù, wọ́n á ní ànàmọ́ náà kò ju 110 lọ. Bẹ́ẹ̀ ànàmọ́ tútù bíi 260 gíráàmù ló ti gbẹ di 140 yẹn. Omi ló bá ooru iná lọ, kálórì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bíi 200, ṣì wà níbẹ̀. Òróró tó mu tún wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá 15 nínú 100, gíráàmù 21 nìyẹn. Kálórì 9 ni gíráàmù òróró kọ̀ọ̀kan, a sì rí 190. Àpapọ̀ ànàmọ́ di 390.

Láìka bọ́tà, gbogbo àwo náà wá jẹ́ 1,000. Òróró ànàmọ́ àti mayonéèsì kò ju gíráàmù 46 lọ, bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìwọ̀n oúnjẹ náà, àmọ́ wọ́n gbé kálórì 365 sínú rẹ̀, ó lé ní ìdámẹ́ta.

Ìdá 15 yẹn kì í dúró sójú kan. Ẹni tó ti din àkàrà nínú òróró tí kò gbóná dáadáa mọ bó ṣe máa ń mu òróró. Bákan náà ni ànàmọ́. Bí wọ́n bá gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ara tó fi ń kan òróró pọ̀ sí i, ó sì ń mu púpọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí ni pé, púpọ̀ nínú òróró náà kì í wọlé nígbà tó ń hó nínú ìkòkò. Nígbà yẹn, ooru omi ń tú jáde, ó ń ti òróró sẹ́yìn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ooru inú rẹ̀ á padà di omi, ihò inú rẹ̀ á sì fa òróró tó wà lára rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gbọn ajẹ̀rẹ̀ náà gidi ní kété tó bá jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dín in nílé lè wọn èyí fúnra yín. Ẹ wọn òróró pẹ̀lú ìkòkò kí ẹ tó dín in, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá tutù. Omi ànàmọ́ ti gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ohun tó dín kù jẹ́ èyí tó wọ inú ànàmọ́ àti èyí tó ta sílẹ̀ lórí ààrò. Bí èyí tó ta kò bá pọ̀, ẹ fi 9 sọ ìyàtọ̀ náà di púpọ̀. Ti ilé oúnjẹ kò ṣeé wọ̀n báyìí, nítorí náà dípò 1,000 gan-an, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín 900 sí 1,150.