Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Owó Náà? Ìdí Tí Ilé Pàṣípààrọ̀ Kírípítò Fi Ń Béèrè Ìdánimọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Èèyàn fẹ́ ra USDT, kírípítò tí iye rẹ̀ ń bá dọ́là rìn, ogún ẹgbẹ̀rún náírà péré, ilé pàṣípààrọ̀ ní kó mú BVN wá, kó mú NIN wá, kó ya fọ́tò ojú rẹ̀, kó ṣẹ́jú, kó yí orí sọ́tùn-ún, kó yí i sósì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n tún ní orúkọ kò bára mu. Kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, kó máa bá owó náà lọ láti báńkì títí dé àpamọ́wọ́ kírípítò, kó má sì já lójú ọ̀nà. Ibi tí orúkọ bá ti já ni owó olè ti ń ráyè wọlé. Ibẹ̀ náà ni owó ẹni tí kò jalè ti ń há. Lórí ìjá orúkọ yìí ni màá dúró sí lónìí.

Ẹni tó fi èrú gba owó kò lè fi í sílẹ̀ síbi tó ti gbà á, nítorí pé báńkì lè tọpa rẹ̀. Yóò gbé e kúrò kíákíá, yóò mú un gba ọ̀nà kọ́rọ́kọ̀rọ̀ kí ojú má lè tọ̀ ọ́ mọ́, lẹ́yìn náà ni yóò mú un jáde bí owó òwò tàbí owó ilẹ̀ tó tà. Èyí ni à ń pè ní fífọ owó. Kírípítò yá fún apá àárín iṣẹ́ yìí, torí pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, owó kan lè gba inú àpamọ́wọ́ mẹ́fà kọjá. Àṣìṣe ni kéèyàn wá rò pé kò sẹ́ni tó rí i. Gbogbo ìrìn bítíkọ́ìnì àti USDT láti àdírẹ́sì àpamọ́wọ́ kan sí òmíràn ló wà nínú àkọsílẹ̀ gbangba tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Orúkọ èèyàn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Àdírẹ́sì ló wà níbẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn. Ẹnu ọ̀nà tí náírà gbà di kírípítò, tí kírípítò sì gbà padà di náírà, ni èèyàn àti àdírẹ́sì ti ń pàdé. Ìdí nìyẹn tí òfin fi lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Àjọ FATF, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989 láti gbógun ti fífọ owó, fi kírípítò kún ìlànà rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2018, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ kún un ní oṣù kẹfà 2019. Ní Nàìjíríà, òfin fífọ owó ti ọdún 2022 ka ilé iṣẹ́ kírípítò mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìnáwó. Látìgbà náà, iṣẹ́ tí báńkì ń ṣe di tiwọn náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ oníbàárà wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ bí owó ṣe ń rìn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ohun tó bá rú wọn lójú tó NFIU, àjọ ìjọba tó ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, létí láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó bá kọ̀ ń jẹ̀bi. Binance, ilé pàṣípààrọ̀ kírípítò ńlá kan, jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá 2023, owó tó sì gbà láti san lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Títí di ọdún 2021, èèyàn lè fi ímeèlì nìkan ṣí àkáǹtì níbẹ̀, kó sì máa gba bítíkọ́ìnì méjì jáde lójúmọ́. Lára ohun tó dá ẹjọ́ náà sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nílé wa tó mú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí le sí i. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò. Inú oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n tó yí àṣẹ náà padà. Òwò náà kò dúró láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta yẹn. Ó kàn bọ́ sí P2P ni, níbi tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ti ń san náírà tààrà sínú àkáǹtì ara wọn. Ilé pàṣípààrọ̀ ń ti kírípítò olùtà mọ́lẹ̀ títí yóò fi jẹ́wọ́ pé owó ti wọlé. Kò rí inú báńkì yín rárá, nítorí náà kò mọ orúkọ ẹni tó fi owó náà ránṣẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè rí i.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ká ní Kẹ́hìndé fẹ́ ta USDT 500 ní ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦750,000 ni gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adéwálé lórí ẹ̀rọ ilé pàṣípààrọ̀ ní òun fẹ́ rà á. Kẹ́hìndé fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sílẹ̀. Ní wákàtí kan náà, Adéwálé yìí ti ń bá ìyá kan ní Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní òun ní jẹnẹrétọ̀ àlòkù kan tí òun fẹ́ tà ní ₦750,000. Nọ́ńbà àkáǹtì Kẹ́hìndé ló fún ìyá náà pé kó san owó sí. Ìyá sanwó. Owó dé ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé ní pípé, owó gidi ni, kì í ṣe àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Inú rẹ̀ dùn, ó tú USDT sílẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, USDT ti kúrò nílé pàṣípààrọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá náà kò rí jẹnẹrétọ̀, ó gba báńkì rẹ̀ lọ. Báńkì rẹ̀ kọ̀wé sí báńkì Kẹ́hìndé, wọ́n sì ti ₦750,000 náà pa nínú àkáǹtì rẹ̀: yóò máa rí i, kò sì ní lè ná an. Nígbà mìíràn gbogbo àkáǹtì ni wọ́n ń tì. Lójú ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ wo ìwé náà, Kẹ́hìndé ló gba owó ìyá. Bẹ́ẹ̀ sì ni òótọ́ nìyẹn, owó ìyá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá ti gbà á là: ṣé orúkọ tó wà lórí owó tó wọlé yìí ni orúkọ tó wà lórí ẹ̀rọ? Kì í ṣe fọ́tò rìsíìtì tí olùrà fi ránṣẹ́ ni kó wò, torí pé ẹnikẹ́ni lè ṣe ìyẹn. Kì í sì í ṣe àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù nìkan. Kó ṣí ètò báńkì rẹ̀, kó ka orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́. Bí ó bá rí orúkọ ìyá tí kò mọ̀ rí dípò Adéwálé, kò gbọdọ̀ tú nǹkan kan sílẹ̀. Yóò pe ẹjọ́ lórí òwò náà lọ́dọ̀ ilé pàṣípààrọ̀, yóò sì fi àwòrán owó tó wọlé hàn wọ́n. Olùrà yóò máa bẹ̀bẹ̀ pé ìyàwó òun ló bá òun sanwó, tàbí pé àkáǹtì ilé iṣẹ́ òun ni. Kó má gbọ́. Bí wọ́n bá ní kó dá owó padà, inú àkáǹtì tó ti wá gan-an ni kó dá a padà sí. Nọ́ńbà tuntun tí olùrà bá kọ sínú ọ̀rọ̀ wọn, kó má fi kọ́bọ̀ kan síbẹ̀.

Bí àkáǹtì bá ti há, ibẹ̀ lẹ ó ti rí àǹfààní ìdánimọ̀ tí ẹ ń bínú sí. Ẹ gba báńkì lọ, ẹ bèèrè báńkì tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tí ẹ̀sùn ti wá, iye tó kàn án gan-an, àti bóyá ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ kó nọ́ńbà òwò náà dání, ẹ sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá olùrà sọ. Bí ọlọ́pàá bá kọ̀wé sí ilé pàṣípààrọ̀, wọ́n lè fún wọn ní BVN àti fọ́tò ojú tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì Adéwálé. Bí ẹ bá ti tà á lórí WhatsApp fún ẹni tí ẹ kò mọ̀, kò sí ẹni tí ẹ lè tọ́ka sí.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tó ń pera rẹ̀ ní Adéwálé yẹn lè má jẹ́ Adéwálé. Òótọ́ ni, ibi tí agbára ìdánimọ̀ mọ nìyẹn. Àwọn kan ń ra àkáǹtì tí wọ́n ti fi ojú ẹlòmíràn ṣí, wọ́n á fún ọmọ iléèwé ní owó díẹ̀ pé kó wá ṣẹ́jú síwájú kámẹ́rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín. Gbogbo owó tó bá gba inú àkáǹtì yẹn kọjá, orúkọ ọmọ náà ló ń jẹ́. Òun ni wọ́n máa wá kàn.

Ní ti orúkọ tí kò bára mu, àrùn tiwa ni. Báńkì kọ Oluwaseun, NIN kọ Seun. Ìyàwó ilé ń jẹ́ orúkọ ọkọ lórí BVN, ó ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lórí NIN. Ẹ̀rọ ló ń fi wọ́n wéra, kò sì mọ̀ pé Táíwò àti Táyé lè jẹ́ ẹnìkan náà. Ẹ má ṣe máa gbìyànjú léraléra, torí pé ìyẹn gan-an lè mú kí wọ́n fura. Ẹ tún èyí tó ṣì ṣe, BVN ní báńkì yín, NIN lọ́dọ̀ NIMC, kẹ́ ẹ tó padà lọ.

Bí iye tí ẹ ń tà bá ń pọ̀ sí i, wọn yóò béèrè ibi tí owó ti wá. Ìwé owó oṣù tàbí ìwé ilẹ̀ tí ẹ tà tó. Àwọn kan ń gé owó sí wẹ́wẹ́ kó má bàa dé iye tí wọ́n fi ń béèrè, ṣùgbọ́n gígé wẹ́wẹ́ yẹn wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ wọn ń wá. Bí wọ́n bá sì dá yín dúró, tí wọ́n kàn ń sọ pé "a ń yẹ àkáǹtì yín wò," tí wọn kò sọ ìdí, ó lè má jẹ́ àìlẹ́kọ̀ọ́. Òfin kà á léèwọ̀ fún wọn láti sọ fún oníbàárà pé àwọn ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àwọn tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ti rí ìbéèrè mìíràn. Láti oṣù kẹsàn-án 2023, ilé pàṣípààrọ̀ ní Bìrìtìkó ní láti mú orúkọ olùfiránṣẹ́ àti ti olùgbà bá kírípítò rìn lọ sí ilé pàṣípààrọ̀ kejì. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ "Bọ̀dá Ìbàdàn" síbi orúkọ olùgbà, owó náà lè dúró lójú ọ̀nà. Orúkọ tó wà lórí ìdánimọ̀ àbúrò ni kó kọ, lẹ́tà dé lẹ́tà.

Ohun kan kù tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ojú yín sílẹ̀ níbikíbi. Òfin 2022 ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ yín fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, àní lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kò lè ní kí wọ́n pa á rẹ́ lọ́la. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó lójú òpó SEC Nàìjíríà, àjọ ìjọba tó ń fún wọn láṣẹ, bóyá ilé iṣẹ́ náà wà lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ. Bí ẹ kò bá rí orúkọ wọn níbẹ̀, ẹ má fún wọn ní orúkọ tiyín.