Ohun Tí Amy Gbọ́ Nínú Ìbéèrè Náà

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ rí, orí rẹ̀ sì ni gbogbo àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn tó ń fi òfin díwọ̀n ìwà rere àti àwọn tó ń fi ìtọ́jú díwọ̀n rẹ̀ dúró lé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ìyàwó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Heinz ní àrùn jẹjẹrẹ, ó sì kù díẹ̀ kó kú. Oògùn kan ṣoṣo ló lè gbà á là, ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì wà. 200 dọ́là ni ọkùnrin náà ná lórí èròjà oògùn yìí, ṣùgbọ́n 2,000 dọ́là ló ń tà á. Heinz yáwó kiri títí, 1,000 ló rí kó jọ. Ó bẹ ọkùnrin náà pé kó bá òun dín in kù, tàbí kó jẹ́ kí òun san ìyókù tó bá yá. Ó ní rárá. Heinz wá ja ilé ìtajà rẹ̀ wọlé, ó jí oògùn náà. Ṣé ó yẹ kó jí i?

Lawrence Kohlberg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló fi irú ìtàn báyìí ṣe ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Ṣíkágò ní 1958, lórí àwọn ọmọkùnrin nìkan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń wá, ìdí tí ọmọ bá fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ló ń wò. Ó to ìdí wọ̀nyí sí ìpele mẹ́fà. Ẹni tó bá ń sá fún ìyà nìkan, ìsàlẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá ń wá bí òun ṣe máa jẹ́ èèyàn dáadáa lójú àwọn tó yí i ká, àárín ni. Ẹni tó bá gun òkè pátápátá ni ẹni tó ń dájọ́ nípa òfin tó kan gbogbo ayé bákan náà, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Carol Gilligan tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Háfáàdì wá mú ọmọ méjì tọ́jọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 11 wá síwájú wa nínú ìwé tó ṣe ní 1982. Ó pe ọmọkùnrin náà ní Jake, ó pe ọmọbìnrin náà ní Amy. Jake ò fi àkókò ṣòfò: ẹ̀mí ju owó lọ, kó jí i. Ó tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà wé ìṣirò tó ní èèyàn nínú. Amy ní tirẹ̀ sọ pé kó má jalè, ṣùgbọ́n ìyàwó náà ò gbọ́dọ̀ kú. Bóyá ó lè yáwó. Bó bá jí i, wọ́n lè tì í mọ́lé, àìsàn ìyàwó lè tún le sí i, ta ló máa wá oògùn mìíràn? Kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Olùbéèrè tún un bi í, ó tún un bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ohùn ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n ka máàkì, Jake wà láàárín ìpele kẹta àti ìkẹrin. Amy wà láàárín ìkejì àti ìkẹta.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi. Gilligan ṣàkíyèsí pé ìbéèrè tí Amy ń dáhùn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rò pé àwọn bi í. Wọ́n ń bi í bóyá ó yẹ kí Heinz ṣe nǹkan tàbí kó má ṣe é. Lójú Amy, ó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Ohun tó gbọ́ ni bóyá olè jíjà ni ohun tó yẹ kó ṣe. Ọmọ yìí ò tíì gbà pé ẹjọ́ náà ti parí títò. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ìdájọ́ tí kì í wojú ẹnikẹ́ni, ó nílò kí ẹnì kan ti kọ́kọ́ gé ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́: ẹ̀tọ́ tèmi rè é, ẹ̀tọ́ tìrẹ rè é, yan ọ̀kan. Wọ́n wá ń pè é ní ìrònú tó ga jù lọ. Ta ló gé e? Ohun wo ni ọ̀bẹ gé sọnù?

Mo rí irú ọ̀bẹ yẹn lójúkojú. Nígbà tí bàbá mi wà ní ilé ìwòsàn kan, pátákó ìwé máa ń wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọn á sàmì sí i bóyá aláìsàn gba oògùn tàbí ó kọ̀ ọ́. Alẹ́ mẹ́ta tò léra, “ó kọ̀ ọ́” ni wọ́n kọ. Òfin tó dáa ni òfin náà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Aláìsàn tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ oògùn, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ bàbá mi. Lálẹ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì kan fa àga, ó jókòó. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ lò ó?” Wọ́n la ẹnu, wọ́n fi ìka hàn án. Egbò ti bo ọ̀nà ọ̀fun wọn, ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n fi máa ń gbìyànjú láti gbé itọ́ mì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ hóró oògùn. Nọ́ọ̀sì náà lọ bá dókítà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí olómi. Lálẹ́ mẹ́ta yẹn, ẹnikẹ́ni ò rú òfin.

Joan Tronto, onímọ̀ nípa ìṣèlú, nínú ìwé rẹ̀ ti 1993, ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin fún ìtọ́jú: kéèyàn rí àìní, kó gbà pé òun lọ́rọ̀ kàn, kó ṣe é bó ṣe yẹ kó ṣe é, kó sì padà wo bó ṣe rí lára ẹni tó tọ́jú. Ìkẹrin yìí ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àánú ṣíṣe lásán. Nọ́ọ̀sì yẹn padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láti béèrè bóyá olómi náà rọrùn.

Alága ti ń na ìka márùn-ún sí mi, nítorí náà màá sáré. Àwọn kan ń pe irú ìrònú yìí ní ìwà obìnrin kí wọ́n lè tì í sẹ́yìn. Lawrence Walker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, yẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí wò ní 1984, ìyàtọ̀ tó rí láàárín ọkùnrin àti obìnrin lórí ìwọ̀n Kohlberg kéré gan-an. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe máàkì àwọn obìnrin ni mo ń jà fún, ìwọ̀n náà gan-an ni mo ń bá jà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yẹn, Heinz ti lọ bẹ olóògùn. Ó ti sọ ọ́, wọ́n ò gbọ́. Kí ló kù tí Amy fẹ́ kí wọ́n jókòó sọ?”

Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló ń dùn mí. Ìtọ́jú ń retí pé ẹnì kejì á gbọ́, ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè kọ̀ jálẹ̀. Bí Amy bá dúró sórí ẹ̀bẹ̀ nìkan, obìnrin náà á kú. Níbẹ̀, òfin gbọ́dọ̀ wà tó máa mú olóògùn yẹn ní ọ̀ranyàn, òfin tí ò ní í wojú rẹ̀. Tronto fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ìtọ́jú tó bá dá wà láìsí ìdájọ́ òdodo lè parí sí kí oníkálùkù máa tọ́jú tirẹ̀ nìkan.

Ó tún bi mí pé, “Ẹ ti padà sọ́dọ̀ Kohlberg nìyẹn, sà?”

Mo ní rárá. Nínú ìtàn Kohlberg, ìbéèrè tó parí ìtàn náà kì í ṣe bóyá ó yẹ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn 2,000 dọ́là yẹn dúró bí òkè tí Ọlọ́run dá, Heinz nìkan ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Amy ò sọ pé ká ṣòfin, ọmọ ọdún 11 ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ méjèèjì, òun ló ṣì ń wo ojú olóògùn náà, tó ń retí pé kó ṣe nǹkan. Jake ti fi í sílẹ̀ pé kò sóhun tó máa ṣe é: bí wọ́n bá jí oògùn rẹ̀, owó míì ṣì ń bọ̀ fún un.

Obìnrin kan níwájú béèrè pé ta ló ń tọ́jú nọ́ọ̀sì yẹn nígbà tó bá délé. Wọ́n ti fẹ́ ti gbọ̀ngàn. Ìta la ti parí rẹ̀, lórí ìdúró, òun ló sì sọ èyí tó pọ̀ jù.