Níbo Ni Máàkì Wà Nínú Ìdáhùn Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ pésẹ̀ sí Adó-Èkìtì lónìí, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ẹ mọ̀ pé tí a bá gbé ìtàn kan kalẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ohun mẹ́rin la ń wá: kókó tó fa àríyànjiyàn, òfin tó kàn án, bí òfin náà ṣe bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ mu, àti ìdájọ́. Nínú máàkì 20, mo máa ń fi 4 sí kókó, 5 sí òfin, 9 sí ìlò òfin, 2 péré sí ìdájọ́. Àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ 2 yẹn sétí. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá Bùnmi ní Ọjà Ọba kọ̀wé sí Délé lórí Wásáàpù pé òun á ta ẹ̀rọ ìlọta òun fún un ní 300,000 náírà, owó ojú ẹsẹ̀, àti pé àyè wà títí di ọjọ́ Ẹtì. Délé ní: "Mà, ṣé ẹ lè gbà kí n san án lẹ́ẹ̀mejì?" Màmá Bùnmi ò fèsì. Lọ́jọ́rú, ó ta á fún ẹlòmíì. Lọ́jọ́bọ̀, kí Délé tó gbọ́, ó kọ̀wé pé òun ti gbà, òun á san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé àdéhùn wà láàárín wọn?

Ibi méjì ló ti lè dìjà. Ṣé ìbéèrè Délé ti pa ohun tí Màmá Bùnmi fi lọ̀ ọ́? Bí kò bá pa á, ṣé títà tó tà á fún ẹlòmíì ti fagi lé e, nígbà tí Délé ò tíì gbọ́? Ẹjọ́ Hyde àti Wrench ti 1840 sọ pé ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ lọ̀ ní 1,000 pọ́n-ùn, tó ní 950 lòun máa san, ti pa ti àkọ́kọ́. Kò lè padà wá gba 1,000 mọ́. Ẹjọ́ Stevenson àti McLean ti 1880 wá yà á sọ́tọ̀: àwọn tó fẹ́ ra irin kàn béèrè bóyá wọ́n lè gbà á díẹ̀díẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ ní ìbéèrè lásán nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ rà á ti gbà kí ìròyìn pé olóhun ti tà á fún ẹlòmíì tó dé etí wọn, nítorí náà àdéhùn wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kìíní kọ ẹjọ́ méjèèjì láìsí àṣìṣe kankan, ó kún ojú ìwé méjì, ó wá parí rẹ̀ pé: "Bí a bá wo òfin yìí, àdéhùn wà." Kò dárúkọ ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì yẹn rárá. Mo fún un ní 5 fún òfin àti 2 fún ìdájọ́. Kókó gba 2 nítorí ó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ìlò òfin ò gba nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9. Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ kò le: mo máa ń fi ọwọ́ bo orúkọ Délé àti ti Màmá Bùnmi. Bí ìpínrọ̀ náà bá lè wọ inú ìdáhùn ìbéèrè míì láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, òfin ló ṣì ń kọ, kò tíì lò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kejì ní kò sí àdéhùn. Hyde nìkan ló rántí. Ṣùgbọ́n ó ní nítorí pé Màmá Bùnmi sọ owó ojú ẹsẹ̀, sísan lẹ́ẹ̀mejì yí ọ̀nà ìsanwó padà, kò sì yàtọ̀ sí fífi iye owó míì lọ̀ ọ́. Ìdájọ́ rẹ̀ ò bá tèmi mu. Síbẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ inú ìtàn mú, ó sì jà fún un. Òfin rẹ̀ gba 3, nítorí Stevenson sọnù. Kò yẹ kí n tún yọ máàkì àìmọ̀ Stevenson lábẹ́ ìlò òfin. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ò yẹ kó gba ìyà méjì.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń dúró rò nìyí. Nítorí ó ti pa ọ̀rọ̀ náà ní kókó kìíní, kò fọwọ́ kan kókó kejì. Ṣé ó tọ́ ká fún un ní gbogbo 9? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tó mú iṣẹ́ kúrò lọ́rùn ẹni ò lè gba máàkì iṣẹ́ tí kò ṣe. Mo pín 9 sí 5 fún kókó kìíní, 4 fún ìkejì. Ó gba 5 yẹn fún ìlò òfin, 2 nínú máàkì 4 tí mo fi sí dídá kókó mọ̀, 3 ti òfin, àti 2 ti ìdájọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Ká ní ó fi gbólóhùn kan sí i pé "bí a bá tilẹ̀ gbà pé ìbéèrè lásán ni", tó sì wo ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ì bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdájọ́ rẹ̀ ò yí padà. Ẹ kọ ìpín 5 àti 4 yẹn sínú ìlànà ìmáàkì kí ìwé kankan tó dé ọwọ́ yín, nítorí tí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹ ti ka ìwé mẹ́wàá, ohun tí wọ́n kọ ló máa pín in fún yín.