Àgbà kì í wà lọ́jà: kí ló ń jábọ́ tá a bá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, òwe kan ṣoṣo la fẹ́ tú lónìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká wọnú ẹ̀ tààrà.

Ẹni tó bá ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì á ní àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ wà lọ́jà kí orí ọmọ wọ́. Ibẹ̀ yẹn gan-an lẹ ti ń ṣì í! Ta ló sọ pé “kò gbọ́dọ̀”? “Kì í” la sọ. Tá a bá ní ewúrẹ́ kì í jẹ ẹran, bó ṣe rí là ń sọ. Tá a bá ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, èèwọ̀ nìyẹn. Méjèèjì ló wà nínú “kì í” ti òwe yìí, Gẹ̀ẹ́sì sì máa ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá ti wá mú “kò gbọ́dọ̀”, ẹ ti sọ òwe di ìbáwí nìyẹn. Mo tún un sọ o, “KÌ Í” YÀTỌ̀ SÍ “KÒ GBỌ́DỌ̀”!

Ọjà yẹn náà ńkọ́? Ìyá pọnmọ, ó ń ná ata lọ́wọ́, ọmọ ti sùn lọ lẹ́yìn ẹ̀, orí ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyá ò sì lè rí i. Ẹni tí ò tan mọ́ wọn rárá ló máa pariwo pé “ìyá ọmọ, orí ọmọ ẹ o!” Inú mi máa ń dùn sí èyí gan-an, torí ọmọ gbogbo ayé lọmọ yẹn. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé inú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, níwájú ìyá, ló ti ń rí ọmọ, á bi yín pé kí ló kan àgbà níbẹ̀.

Ohùn ẹ̀ ló wá le jù. Ká ní ẹbí ń jà nítorí ilẹ̀, àbúrò kan wá kọjú sí bàbá tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀, ó ní “tótó ó ṣe bí òwe o, àgbà kì í wà lọ́jà...” ó dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn tó kù ní “wàá tún rí òmíràn pa.” Ó bẹ bàbá, ó pọ́n ọn lé, ó sì ti há a mọ́lé, bàbá ò lè dákẹ́ mọ́. Tí ilẹ̀ yẹn bá wá bọ́ lọ, tí wọ́n sọ òwe yìí kan náà lẹ́yìn bàbá, èébú ni! Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ ò yí padà, bíi fọ́tò òde àríyá ló rí, ẹ rí aṣọ, ẹ rí ìrẹsì, ẹ ò gbọ́ ìlù.

Nítorí náà, ìtumọ̀ ẹ̀ lè dé ọ̀hún, ohùn ẹ̀ ni kì í sábà dé. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ fíìmù lẹ fẹ́ kọ, tó sì jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ gbàgbé ọjà, ẹ kọ “Bàbá, ẹ má jẹ́ kó ṣojú yín bàjẹ́” ní Gẹ̀ẹ́sì. Inú ìwé ni àyè wà fún ọjà àti ọmọ, ẹ fi wọ́n síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká rí ẹni tó ń pa òwe náà, ẹni tó ń pa á fún, àti ìgbà tó pa á.